Àpótí méjìlá tó wà nídìí ìjàǹbá ọ̀kadà

Bí ọ̀kadà bá ṣubú, ohun tí àwọn tó péjọ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló jẹ̀bi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bèèrè ohun tó ṣẹ́ egungun èrò náà gan-an. William Haddon, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tó di olórí àkọ́kọ́ fún àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn lórí ààbò ọkọ̀ ní 1966, gbà pé ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn ni ìrònú náà ti wá. Tí ibà bá gbòde, wọn a wo ẹni tí ibà mú, kòkòrò tó fà á, ẹ̀fọn tó gbé e wá, àti omi adágún tó wà ládùúgbò. John Gordon ti sọ ní 1949 pé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n máa wo ìfarapa. Kí wá ni kòkòrò inú ìjàǹbá ọ̀kadà? James Gibson dáhùn ní 1961 pé agbára ni. Alùpùpù kàn ń gbé e kiri bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé kòkòrò ibà ni. Ọ̀kadà tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan gbé agbára ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ń sá 30. Tó bá dúró lójijì, agbára yẹn gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Nínú mọ́tò, irin iwájú ọkọ̀ á gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ara èèyàn ló ń gbà á.

Haddon wá pín ọ̀rọ̀ náà sí ìgbà mẹ́ta: kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó to ìgbà mẹ́ta yìí sórí àtẹ, ó sì fi wọ́n dábùú ènìyàn, ọkọ̀ àti àyíká. Nígbà tí wọ́n pín àyíká sí ojú ọ̀nà àti ìṣe àwùjọ, àtẹ náà di àpótí méjìlá.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ọlọ́kadà kan tó gbé èrò méjì lálẹ́. Ó ti mu paraga, iná iwájú alùpùpù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, táyà rẹ̀ sì ti dán. Ó yà fún kòtò, ọ̀kadà ṣubú, ọ̀kan nínú àwọn èrò náà sì forí gbá etí gọ́tà tí wọn kò bò. Ìwé ìròyìn á kọ ọ́ pé eré àsápajúdé ló fà á, ìyẹn àpótí kan ṣoṣo. Paraga wà lábẹ́ ènìyàn, iná àti táyà wà lábẹ́ ọkọ̀, kòtò wà lábẹ́ ojú ọ̀nà. Owó tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni alùpùpù kó tó sùn, tó fi ń gbé méjì lẹ́ẹ̀kan, ti àwùjọ nìyẹn. Gọ́tà kò fa ìṣubú náà rárá, àmọ́ òun ló sọ ìṣubú di orí fífọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbá èrò náà mú lápá lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á gbé e sórí ọ̀kadà mìíràn, tí egungun ẹ̀yìn tó ti sán lè wá yà tán. Wọ́n á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó, bẹ́ẹ̀ òfin ìlera ti 2014 ti kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2009 ló jẹ́ kí n gba àtẹ yìí gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ akoto tó dáa tí wọ́n so lágbọ̀n ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìdá 70. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń ṣe é: ó ń rún, ó sì ń jẹ́ kí orí rọra dúró. Igbá kàn máa fọ́ ni. Ẹ má sì tún lo akoto tó ti gba ìkọlù kan, fóòmù rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tán bí ìta rẹ̀ kò tiẹ̀ sán. Àpótí ti àwùjọ ni ìjọba fò kọjá nígbà náà. Akoto wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà lè rà lọ. Àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti fi oògùn sínú akoto, tó lè sọ àwọn di àwátì.

Ìfòfindè tí Èkó ṣe lórí ọ̀kadà ní oṣù kẹfà 2022 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà gba ọ̀nà mìíràn: ó mú ọkọ̀ kúrò lórí àtẹ pátápátá. Èrò kò kúrò. Àmọ́ àtẹ náà kì í sọ iye tí àpótí kọ̀ọ̀kan máa náni, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ èyí tó máa ṣiṣẹ́ jù.

Tó bá jẹ́ tèmi, ìlà ẹ̀yìn ìjàǹbá ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé, nítorí àwọn ọlọ́kadà ibùdó tó wà nítòsí ló sábà máa ń débẹ̀ kí áńbúláńsì tó dé. Ohun tí wọ́n nílò kò pọ̀: kí wọ́n fi ẹni tó farapa sílẹ̀ níbi tó wà bí ọkọ̀ kò bá fẹ́ gbá a, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yẹ̀ kúrò ní ìlà ara, kí ẹlòmíràn fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò, kí ẹnì kẹta sì pe 112.