Ìkíni Káàbọ̀ fún Òṣìṣẹ́ Tuntun Lórí Slack

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kàn máa ń kọ "Ẹ káàbọ̀ o" sí #general, ó parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ á fi àmì àtẹ́wọ́ sí i, síbẹ̀ ẹni tuntun náà kò mọ ẹni tí òun máa bi bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò ṣí.

Ìkíni tó wúlò máa ń sọ iṣẹ́ tí ẹni náà wá ṣe, á wá dárúkọ èèyàn mẹ́ta péré: ẹni tó ń fúnni ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àti ẹni tó máa mú un mọ̀nà. Bí a bá to orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ síbẹ̀, kò ní rántí ẹyọ kan.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni yàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ẹ kọ ọ́ kedere:

```
#general: ìkéde nìkan
#iranlowo: ìbéèrè èyíkéyìí
#awada: ẹ̀fẹ̀ àti eré
```

Ẹ fi kún un pé @channel ń ta gbogbo èèyàn inú yàrá lólobó, títí kan àwọn tí kò sí lórí Slack nígbà yẹn. @here kò kọjá àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀yàtọ̀ lè jí ọ̀gá rẹ̀ lóru nítorí ìwé ìsinmi. (Ó ti ṣẹlẹ̀ rí!)

Ní ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ kékeré kan tó máa parí ní ọjọ́ Ẹtì ti tó. Bó bá di Ọjọ́rú tó ṣì ń béèrè gbogbo nǹkan ní kọ̀rọ̀ dípò #iranlowo, ẹ tún àlàyé yàrá yẹn kọ.