Ṣé o mọ̀? Fìlà Ìjàpá ló ń sọ àlọ́ tó wà nínú àwòrán

Nínú ìwé àlọ́ alááwòrán, igbá ẹ̀yìn ni a fi ń dá Ìjàpá mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé dání tàbí tó dé sórí ló ń sọ àlọ́ tí a wà nínú rẹ̀.

Wo fìlà rẹ̀ dáadáa. Bí ooru bá ń rú jáde lábẹ́ rẹ̀, tí òógùn sì bo Ìjàpá lójú, ilé àna ló wà. Ẹ̀bẹ gbígbóná tó jí bù ló fi pamọ́ sínú fìlà. Bó bá fi máa ṣí i, orí rẹ̀ á ti pá. Nítorí náà, ayàwòrán tó bá ti ya orí pípá fún un láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ba àlọ́ náà jẹ́, torí ìdí tí orí Ìjàpá fi pá gan-an ni àlọ́ ọ̀hún ń sọ.

Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tó kúnlẹ̀ níwájú babaláwo, àsèjẹ tí wọ́n sè fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, ló jẹ.

Ẹranko mìíràn tó wà nínú àwòrán náà lè sọ àlọ́ fún wa. Erin tó fẹ́ jókòó sórí ẹní ọba wà lórí kòtò tí Ìjàpá ní kí wọ́n gbẹ́. Ajá tó dúró ti okùn tó rọ̀ láti ojú ọ̀run ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ Ìjàpá o! Àwọn ayàwòrán kan máa ń ya ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ fún un. Ti ìjàpá inú òkun nìyẹn. Ẹranko orí ilẹ̀ ni ti inú àlọ́ wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó ki, ó sì ní èékánná.