Bí a ṣe ń sọ PDF di ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ ṣeé fẹ̀

Ọ̀yọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson wà nígbà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. PDF rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ ìkàwé kékeré, lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣeé rí. Bí o bá sì fẹ̀ ẹ́, ìlà á gùn kọjá ojú ẹ̀rọ, wàá wá máa fà á lọ, fà á bọ̀.

Ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí lórí ojú ìwé ni PDF ń tọ́jú. EPUB ní tirẹ̀ ń tọ́jú ìpínrọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí ìlà yóò ti ṣẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni láti wá ìpínrọ̀ tí PDF kò pa mọ́.

Àwòrán lásán ni ojú ìwé Johnson, kọ̀ǹpútà ló ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán náà. Kọ́kọ́ da ìpínrọ̀ kan kọ síbòmíràn, kí o sì wo ẹ àti ọ inú rẹ̀. Bí àmì ìsàlẹ̀ wọn bá ti bọ́, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún ìwé náà kà, kó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ló wà níbẹ̀:

```
ocrmypdf -l eng+yor --force-ocr johnson.pdf tuntun.pdf
ebook-convert tuntun.pdf johnson.epub --no-images --unwrap-factor 0.45
```

Àṣẹ kìíní ló ń tún ìwé kà. Ó máa ń pẹ́ gan-an, torí ojú ìwé náà lé ní ẹgbẹ̀ta. Èkejì, tó jẹ́ ti Calibre, ló ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú EPUB.

Nọ́ńbà ìparí yẹn ló gba ìfarabalẹ̀. Calibre ń wo bí ìlà ṣe gùn tó: ìlà gígùn tí kò ní àmì ìdánudúró níparí ni yóò lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Bí gbólóhùn bá ń já láàárín nínú EPUB rẹ, dín nọ́ńbà náà kù sí 0.35. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kéré sí i ni ìlà kúkúrú náà ń lẹ̀ mọ́ra. Orí tí Johnson kọ lórí orúkọ àti oríkì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ tó yẹ kó dá dúró ti máa ń di ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Èmi fara mọ́ gbólóhùn tó já ju oríkì tó dàpọ̀ lọ: òǹkàwé lè fi ojú so gbólóhùn, kò lè mọ ibi tí oríkì ti parí.

Àkọlé àti nọ́ńbà orí ojú ìwé pẹ̀lú yóò máa bọ́ sáàárín gbólóhùn. Ṣí EPUB náà nínú olùtúnṣe Calibre, kí o wá wọn, kí o sì pa wọ́n rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kọ̀ǹpútà kì í ka àkọlé bákan náà ní gbogbo ojú ìwé.

Bí ọ bá di àpótí kékeré lórí ẹ̀rọ rẹ, ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́. Irú lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀rọ ni kò ní àmì ìsàlẹ̀. Yan òmíràn, bíi Charis, tó ní in.