Máàkì Ń Wálẹ̀, Ìtumọ̀ Ń Ṣòfò

Lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un lè má fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ kó o sínú ẹ̀rọ atúnkọ, irú QuillBot, kí ìyẹn pààrọ̀ ọ̀rọ̀, kó sì yí gbólóhùn padà. Bí ẹ̀rọ aṣàwárí bá ṣì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, á tún kó o padà sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, máàkì á máa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe máàkì nìkan ló ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo oríṣi ìṣàwárí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023. Àmì tí ojú kì í rí ni wọ́n fi sínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Kí kọ̀ǹpútà tó kọ ọ̀rọ̀ kan, yóò wo èyí tó ṣáájú rẹ̀, yóò sì fi ìyẹn pín gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sí méjì: aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa. Aláwọ̀ ewé ni yóò máa yàn jù. Èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ ewé, nítorí náà bó bá kọ ọ̀rọ̀ 200, tí ìpín náà bá dọ́gba, nǹkan bíi 100 ni yóò bọ́ sí ewé. Ti kọ̀ǹpútà lè tó 150. Iṣẹ́ ẹ̀rọ aṣàwárí ni láti kà wọ́n: bí ewé bá ti kọjá 128, ó ṣòro gan-an kó jẹ́ èèṣì.

Ibí yìí ni àtúnkọ ti ń ṣọṣẹ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló ń pinnu àwọ̀ èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kan péré tí a bá pààrọ̀ lè da àwọ̀ méjì rú. Síbẹ̀, àtúnkọ àkọ́kọ́ máa ń fi ọ̀pọ̀ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èkejì á jẹ lára ìyẹn, ẹ̀kẹta á tún jẹ lára èyí tó kù. Àwọn onímọ̀ míràn ní Maryland kan náà dán an wò lọ́dún yẹn. Kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ náà kọ, ẹ̀rọ aṣàwárí ń mú nǹkan bíi 99 nínú 100. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, bíi 10 ló ń mú. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn ka àwọn àtúnkọ náà, nǹkan bíi 70 nínú 100 ni wọ́n gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ dúró dáadáa.

Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo ṣe yìí: "Oògùn náà lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lára àwọn kan tí kò ní àrùn kíndìnrín." Ní àtúnkọ kan: "Oògùn náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn dára." Ní òmíràn: "Oògùn náà ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì dára fún kíndìnrín." Gbólóhùn kẹta dùn-ún kà, kò ní àṣìṣe gírámà, irọ́ sì ni. "Lè" ló kọ́kọ́ lọ, "àwọn kan" tẹ̀lé e, ìkìlọ̀ wá di ìyìn. Kò sí ìgbésẹ̀ kan tó fò jìnnà, nítorí pé àtúnkọ tó ṣáájú ni ẹ̀rọ náà ń wò, kì í wo ojúlówó mọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tó kàn ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ tún burú ju èyí lọ. Ní 2021, Guillaume Cabanac, onímọ̀ ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú àwọn ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a tẹ̀ jáde. Níbi tó yẹ kí jẹjẹrẹ ọmú wà, ewu àyà ni wọ́n bá. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ló wá di ohun tí wọ́n fi ń dá ìwé tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́ mọ̀.

Máàkì tó wálẹ̀ ò fi hàn pé èèyàn ló kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò wọn òtítọ́ inú rẹ̀. Èyí tó ròkè pàápàá ò tó ẹ̀rí: ní 2023, OpenAI fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rọ aṣàwárí rẹ̀ tì nítorí pé kò péye tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kó wá ṣàlàyé ohun tó kọ kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ iṣẹ́ yín, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yín, ẹ má sì kó o sínú ẹ̀rọ atúnkọ nítorí ìbẹ̀rù máàkì. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé náà; ẹ̀yin ni wọ́n máa bi bí ìkìlọ̀ bá di ìyìn.