"Èmi Ni" Kì í Ṣe Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ímeèlì sí Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn yín lálẹ́, tí ẹ béèrè pé, "Ta nìyẹn?", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé "Èmi ni!" ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹni tó bá mọ ohùn rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á dákẹ́ síbi tó wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan nìyẹn, ní Kọ́bapẹ́ níbí.

Ìrẹsì ọ̀fadà ló ń ṣe. Ó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ó ń bọ̀ ọ́, ó sì ń lọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n àpò wà nílẹ̀, owó tó fi rà á, ẹ̀yáwó ni. Ọ̀fadà kì í sì í ṣe ohun tí a lè tọ́jú títí láé: òróró tó wà lára eèpo pupa rẹ̀ máa ń jẹ́ kó tètè yí òórùn padà ju ìrẹsì funfun lọ. Ó wá kọ ímeèlì sí ilé oúnjẹ kan ní Èkó. Àkọlé rẹ̀ ni "Ẹ kú iṣẹ́ o". Ó ní:

"Mo lérò pé lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ògbóǹtarìgì ni ilé-iṣẹ́ wa nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, a sì fẹ́ kí a jọ ṣiṣẹ́ pọ̀."

Kò sí èsì. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún kọ: "Mo ṣì ń retí yín. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín kí n pè yín lónìí." Kẹ́kẹ́ pa. Ó bá wá bá mi: "Sà, wọn ò mà dá mi lóhùn o."

Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ jáde, kó wo bí lẹ́tà àlejò ṣe máa ń hàn. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni à ń rí kí a tó ṣí i. Ìkíni ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ná gbogbo àyè yẹn lé lórí. Ìkíni dára, ọmọ Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n "Ẹ kú iṣẹ́" kan ti tó. Ìyókù lẹ́tà náà, "Èmi ni" ni: kò sọ pé ìrẹsì lòun ń tà. Ẹ yọ orúkọ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí kúrò. Bí lẹ́tà náà bá ṣì bá ilé-iṣẹ́ mìíràn mu, kò tíì ṣe pàtó.

Ti kíkánjú ńkọ́? Àlejò tí kò tíì sọ orúkọ kì í béèrè yàrá. Ìpè, ìpàdé, "lónìí", gbogbo wọn ń gba àkókò ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

A jọ tún un kọ. Àkọlé di "Ìrẹsì ọ̀fadà aláìlókùúta láti Kọ́bapẹ́". Lẹ́yìn orúkọ ìyáàfin náà àti ìkíni kan, ó ní:

"Mo ń ṣe ìrẹsì ọ̀fadà ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù. Mo rí i pé ẹ ń ta ọ̀fadà lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì rí orúkọ yín lójú ìwé ilé-iṣẹ́ yín pé ẹ̀yin lẹ ń rí sí ọjà rírà. Ẹ̀rọ la fi ń yọ òkúta inú tiwa. Ṣé kí n fi kílò méjì ránṣẹ́ kí àwọn alásè yín sè é wò? Bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n kọ̀wé sí?"

Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó sọ ẹni tó jẹ́, ó sọ bó ṣe mọ̀ wọ́n, ó sì fọwọ́ kan òkúta, èyí tó máa ń ba ẹni tó ń ta ọ̀fadà lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà. Ìbéèrè ìkẹyìn sì fún wọn láyè láti kọ̀ láìsí ìtìjú. Lédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ètò kan náà ni.

Ẹ kíyè sára: bí ẹ bá fẹ́ sọ pé "lágbájá ló ní kí n kọ̀wé sí yín", ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ lágbájá. Wọ́n lè pè é.

Lọ́jọ́ karùn-ún, èsì dé: "Ẹ fi ránṣẹ́. Èló ni àpò kan?" Ìyẹn kò tíì di títà o, ilẹ̀kùn ló ṣí. Ìṣírò owó àti adùn ìrẹsì ló máa parí ìyókù. Ká ní wọn ò dáhùn ni, ì bá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kó rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, kó sì kan ilẹ̀kùn mìíràn.