Nígbà Tí Gbọ̀ngàn àti Zoom Bá Jọ Ṣèpàdé

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ní èèyàn ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Niú Yọ́ọ̀kì kì í sábà rí gbogbo wọn kó jọ sójú kan. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kó ìpàdé wọn lọ sórí Zoom. Nígbà tí ìséde parí, àwọn àgbà ń fẹ́ padà sí gbọ̀ngàn, àwọn tó wà lókè òkun kò sì fẹ́ kí wọ́n tún ti àwọn mọ́ta. Ibẹ̀ ni ìpàdé aláwẹ́ méjì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: àwọn kan jókòó sí yàrá, àwọn kan ń wò láti ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, alága kan ṣoṣo ló sì ń darí gbogbo wọn.

Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá dàrú, ẹni tó wà lórí ayélujára ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ló já. Ṣùgbọ́n inú yàrá gan-an ni ìpàdé ti sábà ń bàjẹ́, àti inú ìwé ìpè tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ká mú ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ wáyé ní Ìbàdàn ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2026, bí àpẹẹrẹ. Ìpè tó wọ́pọ̀ kì í gùn ju "aago 4 ìrọ̀lẹ́, ní Bódìjà àti lórí Zoom" lọ. Aago 4 ti ibo? Nàìjíríà kì í yí aago rẹ̀ padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. Ní oṣù kẹjọ, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn náà ni aago 4 ní Lọ́ńdọ̀nù, aago 11 òwúrọ̀ ló sì jẹ́ ní Niú Yọ́ọ̀kì. Tó bá fi máa di àárín oṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì ti fa aago wọn sẹ́yìn: aago 4 Ìbàdàn ti di aago 3 ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù àti aago 10 òwúrọ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá fi ìṣirò ìpàdé oṣù kẹjọ wá sí èyí yóò pẹ́ ní wákàtí kan gbáko, wọ́n á sì ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá tán kó tó wọlé. Akọ̀wé tó bá mọṣẹ́ yóò kọ aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìpè, kò ní fi ìṣirò náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bódìjà náà kì í ṣe àdírẹ́sì. Ìpè tó péye yóò sọ òpópónà, ilé tàbí ilé ìjọsìn tó ṣeé fi júwe, géètì tí wọ́n ń gbà wọlé, ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti ìlẹ̀kùn tí èèyàn yóò kàn. Ó yẹ kó tún sọ bóyá ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà tàbí orí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí ṣe pàtàkì nínú ìpàdé aláwẹ́ méjì, torí màmá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lè pinnu láti ilé pé orí Zoom lòun máa wà. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti mọ̀, ó ti pẹ́ jù. Bí àkọsílẹ̀ náà bá wà fún ìlò ẹgbẹ́, ó lè lọ báyìí:

"Gbọ̀ngàn kékeré tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ẹ gba géètì kejì wọlé, kò sí àtẹ̀gùn. A ó ṣí ìlẹ̀kùn ní aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 30, ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 4. Ẹ̀yin ará orí Zoom, ẹ lè máa wọlé láti aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 45. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún kí a lè ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nínú gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe fi ohùn wọ Zoom."

Líǹkì yóò wà ní ìlà tirẹ̀, láìsí àmì ìdánudúró kankan lẹ́yìn rẹ̀, torí àmì tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè bà á jẹ́. Ẹni tó gba ìpè lórí bébà kò lè tẹ líǹkì, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà tí Zoom ń pè ní Meeting ID àti Passcode sí i pẹ̀lú. Líǹkì yìí kò gbọdọ̀ jáde kúrò láàárín ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìpàdé tí líǹkì wọn wà ní gbangba ni àwọn àjèjì já wọ̀, tí wọ́n ń fi àwòrán rírùn àti èébú dà wọ́n rú. Yàrá ìdúró tó ń jẹ́ Waiting Room ló ń dáàbò bo ìpàdé lọ́wọ́ irú wọn, ìyẹn ni pé ẹnì kan yóò máa yẹ orúkọ wò kó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde bí "iPhone" nìkan yóò pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì yẹ kó bínú. Ohun mìíràn tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ rántí ni pé Zoom ọ̀fẹ́ máa ń ti ìpàdé pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ jókòó fún wákàtí méjì yóò sanwó, tàbí kó ti sọ ṣáájú pé gbogbo èèyàn yóò tún líǹkì tẹ̀.

Wàyí o, ohùn. Òun ló ń ba ìpàdé jẹ́ jù.

Nínú gbọ̀ngàn Ìbàdàn yẹn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sórí tábìlì alága, wọ́n so sípíkà mọ́ ọn kí gbogbo yàrá lè máa gbọ́ àwọn ará òkè òkun. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Akápò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣirò owó. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó jókòó sẹ́yìn kò rí nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà dáadáa, ló bá tẹ líǹkì lórí fóònù tirẹ̀ kó lè rí i nítòsí. Lójú ẹsẹ̀, ariwo kan ta tí gbogbo èèyàn fi di etí. Bí ariwo náà kò bá tilẹ̀ ta, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á máa gbọ́ ohùn ara wọn bó ṣe ń padà bọ̀ wá bá wọn, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ohun tó fà á kò le láti yé. Kọ̀ǹpútà mọ ohun tó ń ti sípíkà tirẹ̀ jáde, ó sì máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí máìkì tirẹ̀ gbọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń ti sípíkà fóònù ẹlòmíì jáde. Ohùn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ti fóònù ẹ̀yìn yẹn jáde dà bí ọ̀rọ̀ tuntun létí kọ̀ǹpútà alága, ló bá tún kó o padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Oní-fóònù á dìde, á ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo ti pa máìkì mi o." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n sípíkà fóònù rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, máìkì tábìlì alága ṣì ń gbọ́ ọ, ohùn náà ṣì ń padà lọ. Pípa máìkì nìkan kò tó.

Nítorí náà, nínú yàrá kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò gbọ́, òun náà ni yóò sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán lórí fóònù tirẹ̀ kò ní gbà nígbà tí Zoom bá ní kó so ohùn pọ̀. Bó bá ti so ó pọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò tẹ More, yóò sì tẹ Disconnect Audio. Àwọn tó ń lo Google Meet ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń jẹ́ Companion mode, tó wà fún irú èyí gan-an. Ẹni tó fi okùn sétí, tó sì pa máìkì, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe náà wà, kí wọ́n má bi ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Òun kọ́ ló fà á. Ibòmíràn ni ohùn rẹ̀ ti ń gba sípíkà jáde, tó ń gba máìkì wọlé padà. Olùdarí Zoom yóò pa máìkì àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá pa tí ìró náà dákẹ́, yàrá onítọ̀hún ni wàhálà wà.

Máìkì inú kọ̀ǹpútà náà kò lágbára tó bí èèyàn ṣe rò. Ẹni tó wà nítòsí tábìlì ló ń gbọ́ kedere. Bàbá tó dìde sọ̀rọ̀ ní ìlà karùn-ún, tí fáànù ń yí lókè rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké níta, kò ju kùn-ùn-kùn-ùn lọ létí ará Niú Yọ́ọ̀kì. Ó dára kí wọ́n máa gbé máìkì kan kiri, tàbí kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wá sí iwájú. Bí ẹsẹ̀ bàbá kò bá gbà á, alága yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ: "Bàbá ń bèèrè bóyá owó ilé ìwé ti wọ báǹkì." Àwọn tó jókòó sítòsí tábìlì ní tiwọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu, torí òfófó tí wọ́n rò pé àwọn ń sọ létí ara wọn ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ìkíni náà ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ìpàdé báyìí. Ọmọ Yorùbá kì í wọlé láìkí ará ilé, ṣùgbọ́n bí ogún èèyàn bá ń ṣí máìkì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wí pé "ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá", wọn ò ní jẹ́ kí alága gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ibẹ̀ ni kí ìkíni wà. Alága yóò wá kí gbogbo ará orí Zoom lápapọ̀, yóò sì dárúkọ àwọn àgbà tó wà láàárín wọn, kó má dà bí ẹni pé a fojú fò wọ́n.

Alága kò lè máa wo gbọ̀ngàn kó tún máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí wọ́n yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa ṣọ́ àwọn tó na ọwọ́ lórí Zoom, kó sì máa wí pé, "Alága, ẹnì kan ń dúró ní Lọ́ńdọ̀nù." Tí alága bá ń gba ẹnì kan nínú yàrá, kó gba ẹnì kan lórí Zoom tẹ̀lé e, ẹ̀tọ́ yóò tó oníkálukú lọ́wọ́. Bó bá sì bèèrè pé ta ló ní ọ̀rọ̀, kó mú sùúrù díẹ̀, torí ẹni tó wà lókè òkun ní máìkì tó fẹ́ ṣí kó tó lè dáhùn. Alága tó bá yára wí pé "kò sí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú" ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún un láìmọ̀. Olùrànlọ́wọ́ mìíràn tí wọ́n fún ní ipò Co-host yẹ kó wà ní ìlú mìíràn. Bí iná bá lọ ní Bódìjà tí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn já kúrò, ìpàdé kò ní túká. Yóò bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi fi dátà fóònù padà wọlé.

Ó ku ìdìbò, ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ka ọwọ́ nínú yàrá, wọ́n á ka ti Zoom, wọ́n á pa á pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó sẹ́yìn, tó tún wà lórí Zoom pẹ̀lú fóònù, lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì láìní ète búburú. Akọ̀wé yóò ti kọ orúkọ sí abala méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ti yàrá lọ́tọ̀, ti Zoom lọ́tọ̀, yóò sì fagi lé orúkọ tó bá jáde nínú méjèèjì ní abala Zoom kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìdílé kan bá jókòó yí fóònù kan ká ní Niú Yọ́ọ̀kì, orúkọ kan ni Zoom yóò fi hàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló lè wà níbẹ̀. Wọn yóò dárúkọ ara wọn, oníkálukú yóò sọ ìbò rẹ̀ lójú kámẹ́rà, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.