Mélòó Ló Ṣẹ́kù Lápá Yín?
Ìlàlóye fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jíìmù, ì báà ṣe ní Lagere tàbí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sábà máa ń mú dọ́mbẹ́ẹ̀lì tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbé. Àbá lásán nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá sọ irin kalẹ̀, ẹ bi ara yín pé: ká ní mo ṣì ń gbé e lọ, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo tún lè gbé e dáadáa kí apá tó kọ̀? Iye yẹn là ń pè ní àṣẹ́kù. Irin tó bá ẹni tuntun mu ni èyí tó gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí àṣẹ́kù rẹ̀ sì jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ní Mọdákẹ́kẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó jókòó, ó ń ti irin sókè láti èjìká. Ó mú kílò 2 sọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹwàá yá bí ìkínní, irin náà fúyẹ́ jù. Ó sinmi díẹ̀, ó mú kílò 5. Ní ìkẹfà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, ọwọ́ òsì ti ń gbọ̀n, ló bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó mú kílò 3. Láti ìkẹjọ ni irin ti ń falẹ̀, bó tilẹ̀ ń sapá, àmọ́ ó parí mẹ́wàá láì yí ara. Ó ní ó ku mẹ́ta. Kílò 3 ni tirẹ̀, fún eré yìí nìkan: bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa fa irin sí ìbàdí, àfàìmọ̀ kó má gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ méjèèjì kò bá dọ́gba, èyí tí kò lágbára tó èkejì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kíka àṣẹ́kù gan-an ló máa ń ṣini lọ́nà. Ẹni tuntun a ní ó ku méjì, nígbà tó ku márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iṣan ń ta á. Títa kọ́ ni òpin; kí irin máa falẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àmì tó ṣeé gbára lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yẹ ara yín wò níbi eré tí kò léwu, bíi ká ká ìgbọ̀nwọ́: lẹ́yìn ìkẹwàá, ẹ sọ iye tó kù, kí ẹ wá gbé e títí tí kò fi ní ṣeé gbé létòlétò mọ́. Bí ẹ bá sọ mẹ́ta tí ẹ sì gbé méje sí i, irin yín ti fúyẹ́ jù.

Ẹni tí kò ní irin lè lo kẹ́ẹ̀gì. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, ẹ sì lè bù kún un díẹ̀díẹ̀, ohun tí jíìmù tó fo láti kílò 3 sí 5 kò lè ṣe.

Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ mí síta bí ẹ ti ń ti irin. Bí oríkèé bá dunni gidi, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má kà á mọ́ àṣẹ́kù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, ẹ má gbé irin títí apá yóò fi kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí àwọn olùtọ́jú ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì wa.